Ẹ Máa Retí Wa

Mo ń wakọ̀ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì há mi mọ́ oríta Bẹ́gà ní Àbújá, nígbà tí fóònù mi dún. Ọkùnrin tó pè kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà: ẹ kú ìrọ̀lẹ́ máà, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ohùn náà jọ ti ẹni tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè rántí orúkọ rẹ̀. Ó wá ní, "Máà, èmi ni mo wá fún intáfíù lọ́dọ̀ yín nínú oṣù karùn-ún. Ẹ ní kí n máa retí yín. Mo ní kí n pè, kó má lọ jẹ́ pé ẹ ti pè tí ẹ ò bá mi."

Oṣù kẹwàá la wà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni mo wá mọ̀ pé ibi iṣẹ́ kan ní Kánò ti fún un ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ nínú oṣù kẹfà, ó sì dá a padà. Kò bínú. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìdí tó fi pè mí ni. Ẹni tó ń fọn fèrè lẹ́yìn mi ti ń ṣépè kí n tó rántí pé ọkọ̀ iwájú ti ṣí.

Nígbà tí mo délé, mo wá ímeèlì tí mo kọ sí i nígbà náà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán mọ́rán. Bí a bá yí i sí Yorùbá, ohun tó sọ ni pé ìgbìmọ̀ wa gbádùn ìjíròrò pẹ̀lú rẹ̀, pé ìpinnu náà le púpọ̀, pé ẹlòmíràn tí ìrírí rẹ̀ bá ohun tí a ń fẹ́ mu jù la mú, pé a ó tọ́jú ìwé rẹ̀, inú wa yóò sì dùn láti bá a ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Irú lẹ́tà tí gbogbo ọ́fíìsì ní Àbújá ń kọ nìyẹn. Òun náà ìbá ti mọ ohun tó túmọ̀ sí, torí ẹni tó ti wáṣẹ́ rí mọ̀ pé "a ó tọ́jú ìwé yín" kò yàtọ̀ sí ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n ó pè mí lọ́jọ́ kejì láti dúpẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé Yorùbá ni, mo bá a sọ Yorùbá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ máa retí wa."

Gẹ̀ẹ́sì mi ti ilẹ̀kùn, Yorùbá mi sì tún un ṣí. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni mo pè é, òun sì gbọ́ ọ bí ó ṣe jáde: ẹni tó jù ú lọ, tó wà nípò, tó ní kó máa retí òun. Bí èmi náà bá gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, màá máa retí.

Iṣẹ́ mi ni àbójútó òṣìṣẹ́ ní ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, ní Ùtákò. A ò pọ̀. Lọ́dún, a lè gba èèyàn mẹ́fà tàbí méje, èmi náà ni mo sì máa ń kọ̀wé sí àwọn tí a ò gbà. Àwọn tó jábọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣòro: ìlà mẹ́ta tó mọ́ tónítóní, tó tètè dé, ti tó wọn. Àwọn tó bá wa dé ìpele ìkẹyìn ni wàhálà. Ẹni tó dé ibẹ̀ ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti jókòó síwájú wa, ó ti rí ojú wa, ó ti ń ro ibi tí òun yóò gbé ilé sí. Àwa náà ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ débi pé, bí irú àyè bẹ́ẹ̀ bá tún ṣí lóṣù mẹ́rin òní, òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ pè. Ìyẹn ni pé a nílò rẹ̀, a sì ń lé e. Ibẹ̀ ni irọ́ ti máa ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti obìnrin ará Kàdúná kan ṣàlàyé, torí òun ni mo kọ́kọ́ kọ irú lẹ́tà tí mo ń kọ báyìí sí.

Oníṣirò owó la ń wá, ẹni tí yóò máa ṣe ìṣirò owó tí àwọn olùrànwọ́ ń fún wa. Ẹni mẹ́ta ló dé ìpele ìkẹyìn. Obìnrin yìí jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, Kàdúná ló sì ń gbé. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Rìgásà, ó sọ̀ ní Kúbwà, ó sùn sílé àbúrò rẹ̀ kó lè tètè dé lọ́jọ́ kejì. Àárọ̀ ọyẹ́ ni, ètè gbogbo wa ti là. A fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwé ìnáwó oṣù kan kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún wákàtí kan ààbọ̀. A ti fi àṣìṣe mẹ́rin pamọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, ₦186,000, tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì: ó wà lábẹ́ epo, ó sì tún wà lábẹ́ ìnáwó ọ́fíìsì pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì kan náà. Òun nìkan ló rí i. Àwọn méjì yòókù kọjá lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, òun kọ́ la mú. Ìkéde iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí a ń wá gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tọpa owó lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí a ń pín in fún ní Násárawá àti Nìjá: kí ó lọ bá wọn, kí ó wo rìsíìtì wọn, kí ó mọ ìgbà tó yẹ ká dá owó dúró. Ọ̀gbẹ́ni tí a mú ti ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Obìnrin yìí kò ṣe é rí, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bi í.

Ọjọ́ Ajé la fún ọ̀gbẹ́ni náà ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. A fún un títí di Ọjọ́bọ̀ kó fi fọwọ́ sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yìí, n kò gbọdọ̀ kọ̀wé pé "rárá" sí ẹnì kankan. Mo ti rí i rí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀: wọ́n kọ̀wé pé "rárá" sí ẹnìkejì láàárọ̀, ẹni àkọ́kọ́ kọ iṣẹ́ náà nírọ̀lẹ́, wọ́n wá ń pe ẹnìkejì padà bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó wá síṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo ọ̀gá wa láti ọjọ́ náà kì í ṣe ojú ire.

Ṣùgbọ́n kí á dákẹ́ láti Ọjọ́ Ajé di Ọjọ́bọ̀ náà kò dáa. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ ìlà méjì sí i: a ò tíì parí, ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mi kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀. Ó fèsì kíá, ó béèrè bóyá a ti mú ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ni kì í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo dáhùn. Mo ní a ti fún ẹnìkan ní lẹ́tà, kò tíì fọwọ́ sí i, ẹ kò sì tíì jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá mi rò pé mo sọ jù. Lójú tèmi, ẹni tó bá máa wá bá wa ṣiṣẹ́ owó gbọ́dọ̀ lè gba òótọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta mọ́ra.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mo ṣe kí lẹ́tà tó lọ, ó sì kéré lójú: mo lọ bá akápò pé kó san owó ọkọ̀ obìnrin náà. A ti ṣèlérí láti dá a padà, ọjọ́ kẹsàn-án sì ti pé. Ẹ rò ó wò ná, kí èèyàn gba lẹ́tà pé wọn ò mú òun, kí ó sì tún máa kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún owó ọkọ̀ ojú irin. Kò sí adùn ọ̀rọ̀ tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ní Jímọ́ọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, kí àwọn èèyàn tó máa múra àtilọ kírun, mo fi èyí ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì la fi ṣe gbogbo ètò náà, ọ̀gá mi sì gbọ́dọ̀ lè kà á. Bí ó ṣe lọ nìyí:

"Abílékọ, ẹ kú àárọ̀. Ẹlòmíràn la mú fún iṣẹ́ oníṣirò owó tí ẹ wá jókòó fún ní ọjọ́ 14 oṣù yìí.

Ohun tó fi ìyàtọ̀ sáàárín yín ni títọpa owó lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí a ń pín in fún, tó wà nínú ìkéde iṣẹ́ náà. Ẹni tí a mú ti ṣe é rí, ẹ̀yin kò tíì ṣe é. Nínú ìdánwò, ẹ rí owó dísẹ́ẹ̀lì tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì kọ nọ́ńbà rìsíìtì rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kíyè sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ máàkì yín, mo lè bá yín sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ní Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá tàbí aago mẹ́rin.

A ń retí èsì lórí owó iṣẹ́ àkànṣe kan nínú oṣù kẹta. Bí ó bá wọlé, a ó tún wá oníṣirò owó kan. Bí ẹ bá fẹ́, màá kọ̀wé sí yín ní ọjọ́ 15 oṣù náà láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ìbáà wọlé, ìbáà má wọlé. Èyí kì í ṣe ìlérí iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ kọ iṣẹ́ mìíràn.

Kí n lè ṣe bẹ́ẹ̀, mo nílò kí ẹ fèsì pé a lè tọ́jú ìwé yín títí di ìgbà náà. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín, a ó pa á rẹ́ ní ìparí oṣù kìn-ín-ní."

Orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù mi. Àdírẹ́sì mi gan-an ni mo fi fi ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tó máa ń kọ `noreply` síwájú. Ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ kí àjọṣe máa lọ kò lè fi àpótí tí kì í gba èsì kọ̀wé.

Ẹ ó rí i pé "rárá" wà nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé ẹ kú àárọ̀. N kò kí i tán, n kò yìn ín, kí n tó sọ ọ́. Ó le fún mi, torí nílé wa, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ búburú láti sọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó, kí ó mu omi. Ṣùgbọ́n nínú ímeèlì, gbogbo ìlà oríyìn tó ṣáájú ń gbé ọkàn òǹkàwé sókè ni, kí a lè rí ibi jù ú sílẹ̀ dáadáa. Ìdí kan náà ni n kì í fi kọ́kọ́ pe ẹni náà lórí fóònù. Nọ́ńbà wa máa yọ lójú fóònù rẹ̀, yóò sáré jáde síta, ọkàn rẹ̀ á ti sọ fún un pé ó ti rí iṣẹ́ náà. Kí a tó kí ara wa tán, a ti débi àwọn ọmọ. Mo fẹ́ kó kà á níbi tí kò sí ẹni tó ń wo ojú rẹ̀, kó wá pè mí nígbà tó bá fẹ́.

Ìdí tí mo kọ síbẹ̀ wá láti inú ìwé máàkì wa, ó sì wà nínú ìkéde iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè fún iṣẹ́ náà. Òdiwọ̀n mi nìyẹn. Bí ìdí tí a kò fi mú ẹnìkan kò bá sí nínú ìkéde, n kì í kọ ọ́. Mo máa ń padà lọ bá ìgbìmọ̀ láti bi wọ́n ohun tí wọ́n ń wò gan-an. "Kò bá wa mu" ni wọ́n sábà máa ń sọ. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé ó lè túmọ̀ sí ohùn rẹ̀, ìlú rẹ̀, ìbòrí rẹ̀, tàbí pé ó lóyún. Ẹni tí a bá kọ irú ìdí bẹ́ẹ̀ sí kò ní padà wá, òótọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kì í sì í sọ ipò tí ó gbé. Kí lẹni tó ṣe ipò kejì fẹ́ fi ipò kejì ṣe? Á kàn máa dúró de kí ẹni àkọ́kọ́ ṣubú ni.

Ìpínrọ̀ ìkẹyìn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ sí, pé mo ti di lọ́yà. Ṣùgbọ́n òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ pé a kò gbọdọ̀ tọ́jú ìsọfúnni èèyàn kọjá ìgbà tí ohun tí a gbà á fún bá parí. Iṣẹ́ ló tìtorí rẹ̀ fún wa níwèé, iṣẹ́ náà sì ti parí. Bí a bá fẹ́ fi í ṣe nǹkan mìíràn, ó yẹ ká béèrè. Ju ti òfin lọ, èsì rẹ̀ ló ń sọ fún mi bóyá àjọṣe kankan wà láti tọ́jú. Ẹni tí kò bá fèsì ti sọ tirẹ̀.

Ó fèsì láàárín wákàtí kan: bẹ́ẹ̀ ni, àti aago mẹ́rin.

Nígbà tí mo pè é ní Ọjọ́ Ajé, Gẹ̀ẹ́sì la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ka máàkì rẹ̀ fún un, tirẹ̀ nìkan: èwo ló gba márùn-ún nínú márùn-ún, èwo ló gba méjì. Lórí títọpa owó, mo sọ fún un pé kò pọn dandan kó yí ibi iṣẹ́ padà kó tó kọ́ ọ. Kó bẹ̀ wọ́n níbi tó wà kí wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ yẹ ìwé wò lẹ́ẹ̀mejì péré. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń gbọ́ bíró rẹ̀. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó sì bọ́ sí Yorùbá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti ní ẹni tí ẹ fẹ́ mú kí àwa tó wá?"

Ní Àbújá níbí, n kò lè bínú sí ìbéèrè yẹn. Mélòó nínú wa ni kò tíì lọ jókòó fún iṣẹ́ tí wọ́n ti fún ọmọ ẹnìkan tẹ́lẹ̀? Mo ní rárá, a ò ní. Mo ní ẹni tí a mú, n kò rí i rí kó tó wọlé. Ó gbà á gbọ́, mo rò pé nítorí pé mo ti ka méjì nínú márùn-ún sí i létí kó tó béèrè.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má gbàgbé mi o." Ọ̀rọ̀ náà ti wá sí mi lẹ́nu. Ẹ má ṣèyọnu. Màá ṣe é. Ẹ máa retí wa. Ọ̀gá mi, ọmọ Kàtsínà, ní èyí tó rọrùn lédè tirẹ̀: bí wọ́n bá sọ pé "yi hákúrí" fún ẹni tó ń tọrọ nǹkan, ó mọ̀ pé ó ti parí, kò sì sí ẹni tí wọ́n bú. Èmi rántí Bẹ́gà. Mo ní, "Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ni màá kọ̀wé. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ máa wá iṣẹ́ lọ." Ó rí gbígbẹ létí èmi fúnra mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ẹ ṣeun.

Mo fi ọjọ́ náà sínú kàlẹ́ńdà mi kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, kí n má bàa gbẹ́kẹ̀ lé orí mi.

Nígbà tí ọjọ́ 15 pé, owó náà kò tíì wọlé. Mo kọ̀wé pé kò tíì wọlé, pé wọ́n sún èsì sí oṣù karùn-ún, mo sì tún fi ọjọ́ mìíràn síbẹ̀. Lẹ́tà yẹn ló nira jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, torí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Ó jọ pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Lóṣù karùn-ún, owó wọlé. Mo pè é ṣáájú kí ìkéde tó jáde, pé kó wá du iṣẹ́ náà bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kó má tún ṣe ìdánwò tó ti ṣe rí.

Kò lè wá. Ó ti ríṣẹ́ ní Kàdúná níbẹ̀ láti oṣù kejì, owó rẹ̀ sì ju tiwa lọ. Ó ní torí pé mo ní kó má dúró ló fi gbà á. Ó wá ní, "Àbúrò kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́ níbi tí mo ti kúrò. Òun ti tọpa owó rí. Mo ti sọ fún un bí ẹ ṣe ń ṣe."

Àbúrò náà wá. Ó múra dáadáa. Ó dé ìpele ìkẹyìn pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, ó sì rí dísẹ́ẹ̀lì, torí a ti yí nọ́ńbà rẹ̀ padà ṣùgbọ́n a ò yí àṣìṣe náà. Ẹlòmíràn la mú. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀ lánàá. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni mo ń kọ èyí, ímeèlì àbúrò náà sì ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ. Ìdí tí a kò fi mú un wà nínú ìkéde. Ìpínrọ̀ kẹrin ni mo ń wò láti àárọ̀: kò sí owó àkànṣe kankan tí a ń retí lọ́dún yìí mọ́, kò sí ọjọ́ tí mo lè fi síbẹ̀. Mo ti kọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé màá fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.